Sátọ̀n wà nínú ilé keje mi: ìgbà wo ni ìgbéyàwó?

Ayọ̀_Owé
Okun o, gbogbo ilé. Oṣù kẹta 1996 ni wọ́n bí mi ní Kàbà, ní ìrọ̀lẹ́. Áàpù tó wà lórí fóònù mi ní Sátọ̀n wà nínú ilé keje mi, pé tránsíìtì rẹ̀ àti pírógírẹ́ṣọ̀n Oṣùpá ló máa mú ìgbéyàwó wá, àmọ́ kò sọ ìgbà. Ó ti tó ọdún mẹ́ta ààbọ̀ tí èmi àti ẹnì kan ti jọ ń bọ̀. Ta ló lè bá mi fojú díwọ̀n oṣù tó ṣeé ṣe?

Awakọ̀_Gáréèjì
Àbúrò mi, tránsíìtì kì í ṣe nǹkan tó le. Bí ẹ bá fẹ́ rìnrìn-àjò lẹ́yìn ìgbéyàwó, ẹ kọ́kọ́ wádìí orílẹ̀-èdè tí bààlúù máa bà sí. Àwọn kan ń béèrè físà tránsíìtì, àwọn kan kì í béèrè. Ta ni Sátọ̀n? Ṣé òun ni ọkọ ìyàwó?

Ìyá_Ìbejì_Mọ̀pà
Awakọ̀, ẹ má fi ẹ̀rín pa mí o. Ọ̀rọ̀ ìràwọ̀ ni wọ́n ń sọ, ìrìn ìràwọ̀ lójú ọ̀run ni tránsíìtì níbí, kì í ṣe ti pápákọ̀ òfuurufú.

Ayọ̀, fi Sátọ̀n sílẹ̀ jàre, adánidúró ni. Júpítà ni kí o máa wò. Nǹkan bí ọdún méjìlá ló fi ń yí ọ̀run ká, ọdún kan ló sì ń lò nínú àmì kọ̀ọ̀kan. Bó bá ti wọ ilé keje ènìyàn, ìgbéyàwó ti dé nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí fún èmi, oṣù mẹ́jọ péré la fi mọra tí a fi délé ọkọ. Wo ìgbà tó máa padà wọ ilé keje rẹ, ọdún rẹ nìyẹn.

Tíṣà_Ìsánlú
Okun, Ayọ̀. Má kọ ọjọ́ ìbí rẹ gan-an síbí o. Oṣù àti ọdún ti tó fún gbogbo ayé, fi ìyókù ránṣẹ́ sí mi ní kọ̀rọ̀. Ìbéèrè méjì ni mo ní kí n tó ṣí ìwé. Ìlú wo lo tẹ̀ sínú áàpù yẹn? Ta ló sì sọ fún ọ pé ìrọ̀lẹ́ ni, kí ni ẹni náà fi mọ̀?

Ìyá Ìbejì, ẹ ò parọ́, àmọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ lẹ sọ. Júpítà ti gba ilé keje ọmọ yìí kọjá ní 2022. Ọmọ náà ṣì wà nílé bàbá rẹ̀. Bí a bá sì ní kó dúró de ìpadàbọ̀ rẹ̀, ó di nǹkan bí 2034.

Ayọ̀_Owé
2034 kẹ̀! Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́.

Ẹ ṣé, sà. Èkó ni mo tẹ̀, torí áàpù náà kò rí Kàbà. Màmá mi ló sọ àsìkò. Wọ́n ní agogo ìjọ Àgùdà ti aago mẹ́fà ń dún lọ́wọ́ bí mo ṣe ké igbe àkọ́kọ́. Káàdì tí wọ́n kọ ọ́ sí ti sọnù tipẹ́. Ní ti 2022 tí ẹ dárúkọ, ọdún yẹn gan-an ni mo pàdé ọ̀gbẹ́ni náà, ní bí ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn Àjíǹde.

Tíṣà_Ìsánlú
Mo ti fura sí Èkó tẹ́lẹ̀. Aago kan náà ni Èkó àti Kàbà ń lò, àmọ́ oòrùn kò mọ aago ìjọba. Kàbà wà ní ìlà-oòrùn Èkó, nítorí náà nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ojú ọ̀run Kàbà fi ṣáájú ti Èkó. Dígírì kan ń gòkè ní ìlà-oòrùn ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́rin mẹ́rin, dígírì tó kọjú sí i sì ń wọ̀ ní ìwọ̀-oòrùn lẹ́ẹ̀kan náà. Ibi tó ń wọ̀ yẹn ni ẹnu ilé keje. Áàpù rẹ fi ẹnu ilé keje sí dígírì 13 nínú àmì Ẹja. Nígbà tí mo fi Kàbà dípò Èkó, ó bọ́ sí nǹkan bí 16. Bí áàpù kò bá mọ ìlú, fi ọwọ́ ara rẹ tẹ nọ́ńbà rẹ̀ sí i: 7.8 ní àríwá, 6.1 ní ìlà-oòrùn.

Agogo màmá rẹ dùn mọ́ mi. Ọ̀pọ̀ ìyá tí mo ń bi léèrè, "ìgbà tí wọ́n ń gúnyán alẹ́" ni wọ́n ń sọ, ta ló mọ ìgbà tí oníkálukú ń gúnyán? Síbẹ̀, ẹni tó ń fa okùn agogo lè pẹ́ dé, ó sì lè yá. Nítorí náà, mi ò ní gbé gbogbo ẹrù lé ẹnu ilé keje lórí. Àwọn ìràwọ̀ fúnra wọn kì í sáré bẹ́ẹ̀. Oòrùn rẹ àti Sátọ̀n rẹ jọ jókòó sí dígírì 27 nínú Ẹja, yálà aago márùn-ún ni wọ́n bí ọ tàbí aago méje. Ibẹ̀ la máa ti kà á.

Pírógírẹ́ṣọ̀n pàápàá ní ìfaradà tirẹ̀. Ọjọ́ kan lẹ́yìn ìbí là ń kà sí ọdún kan láyé. Bí aago ìbí bá fi wákàtí kan ṣìnà, ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ni àsìkò tí Oṣùpá pírógírẹ́ṣọ̀n bá dé ara ìràwọ̀ kan máa fi ṣìnà. Ta ló máa bá ẹnikẹ́ni jà nítorí ọ̀sẹ̀ méjì? Ẹnu ilé ni ìṣẹ́jú díẹ̀ ń bà jẹ́.

Délé_Lọ́kọ́ja
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi kí ọmọbìnrin yìí tó lọ ra aṣọ. Wọ́n sọ fún èmi náà pé Sátọ̀n ń bọ̀ lẹ́nu ilé keje mi, pé ó máa "fìdí ìfẹ́ múlẹ̀". Ó dé ibẹ̀ ní oṣù kẹrin 2023, mo gbé òrùka kalẹ̀ lóòótọ́. Ó rìn padà sẹ́yìn, ó tún gba ibẹ̀ kọjá ní oṣù kẹsàn-án, ọmọbìnrin náà dá òrùka padà. Ìgbà tó kọjá lẹ́ẹ̀kẹta ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024, aṣọ ẹbí tí a ti rà ni mo ń tà fún oníṣòwò kan ní Lọ́kọ́ja níbí. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ẹni tó ń fìdí nǹkan múlẹ̀ lè tú u ká.

Ìyá_Ìbejì_Mọ̀pà
Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Délé. Ṣé ẹ rí i pé mo ní adánidúró ni?

Tíṣà_Ìsánlú
Délé, pẹ̀lẹ́. Òótọ́ lo sọ, àwọn tó ń ta ìròyìn ayọ̀ kì í sì í sọ ọ́. Iṣẹ́ Sátọ̀n lẹ́nu ilé keje ni láti bi ènìyàn pé: ṣé o máa ru ẹrù yìí tàbí o máa sọ ọ́ kalẹ̀? Ìdáhùn kì í ṣe tirẹ̀. Ohun tí mo lè sọ nípa tìrẹ, torí o fi àwòrán rẹ hàn mí nígbà yẹn, ni pé Sátọ̀n nìkan ló wà níbẹ̀. Oṣùpá pírógírẹ́ṣọ̀n rẹ wà níbi tó jìnnà, kò kan ilé keje, kò sì kan olúwa ilé náà. Ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo nìyẹn. Èmi kì í dá oṣù fún ẹnikẹ́ni lórí ẹlẹ́rìí kan, mo sì kábàámọ̀ pé o kò bi mí nígbà yẹn.

Ayọ̀, ó kù sí ọ lọ́wọ́. Kí a tó wo iwájú, ẹ̀yìn la máa fi dán agogo màmá rẹ wò. Ní 2024, Sátọ̀n rìn dé dígírì 19 nínú Ẹja ní oṣù kẹfà, ó yí padà sẹ́yìn dé 12 ní oṣù kọkànlá, kó tó tún máa bọ̀ níwájú. Bó bá jẹ́ dígírì 16 ni ẹnu ilé keje rẹ wà, ó kọjá níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta: ìparí oṣù kẹrin 2024, ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, àti àárín oṣù kìíní 2025. Bí wọ́n bá ti bí ọ ní ogún ìṣẹ́jú ṣáájú agogo, dígírì 11 ló máa jẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Sátọ̀n gba ibẹ̀ kọjá, ní oṣù kẹta 2024, torí kò padà sẹ́yìn tó bẹ́ẹ̀. Bó bá sì jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún lẹ́yìn agogo, ó di dígírì 20, ẹ̀ẹ̀kan náà ni, ní oṣù kejì 2025. Ṣé o rí i? Kì í ṣe ọjọ́ nìkan ló ń yí, iye ìgbà pàápàá ń yí. Ẹni tí nǹkan rẹ̀ wáyé ní ìpele mẹ́ta àti ẹni tí tirẹ̀ wáyé lẹ́ẹ̀kan kò lè ní ẹnu ilé kan náà.

Má wò ohun tí mo kọ kí o tó rántí o. Lọ wo àwọn ìfiránṣẹ́ inú fóònù rẹ, kọ ọjọ́ tí nǹkan ńlá ṣẹlẹ̀ láàárín ẹ̀yin méjèèjì láti 2024, lẹ́yìn náà ni kí o wá fi wé e.

(Mo mọ̀ pé o ti kà á ná. Ẹ̀bi mi ni, ó yẹ kí n ti béèrè kí n tó kọ ọ́.)

Ayọ̀_Owé
Mo ti kà á lóòótọ́, sà, àmọ́ ìfiránṣẹ́ inú fóònù kò mọ ohun tí ẹ kọ. Mo yẹ̀ ẹ́ wò láti òkè dé ìsàlẹ̀ ní àná.

Oṣù kẹrin 2024, kò sí nǹkankan. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ àti ọ̀rọ̀ iná mànàmáná nìkan ló kún ibẹ̀. Oṣù kẹta náà kò ní nǹkankan. Oṣù kẹsàn-án 2024 ni ìjà tó burú jù lọ dé, ọjọ́ karùn-ún ni mo kọ ọ́ pé kó má pè mí mọ́, ó sì tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí a kò fi sọ̀rọ̀. A ń kí ara wa lẹ́yìn náà, àmọ́ ó tútù. Oṣù kìíní 2025, ọ̀sẹ̀ kẹta, òun àti àbúrò bàbá rẹ̀ wá bẹ̀ mí nílé. Ìgbà yẹn ni bàbá mi kọ́kọ́ mọ orúkọ rẹ̀. Oṣù kejì 2025, òfo.

Lẹ́yìn ìyẹn, ó fún mi ní òrùka ní ọjọ́ kejì Àjíǹde 2025. Lóṣù tó kọjá, ní oṣù kẹwàá 2025 yìí, àwọn ẹbí méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ bára wọn jà lórí ìwé ẹrù ìdána. Iye iṣu àti iye àpò iyọ̀ ló dá a sílẹ̀. Títí di báyìí wọn ò tíì fẹnu kò.

Ẹlẹ́gbẹ̀
Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n da omi tútù sí i. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni Ayọ̀. Sátọ̀n ń padà sí ibi tó wà nígbà ìbí gbogbo ènìyàn ní nǹkan bí ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ààbọ̀. Ní ilẹ̀ Okun wa níbí, ìgbà wo gan-an ni àwọn ọmọbìnrin tó kàwé ń ṣègbéyàwó? Ó jọ bíi kí ẹnì kan dúró ní Ẹ̀gbẹ̀ ní oṣù keje, kó fọwọ́ sọ́rùn, kó ní ìràwọ̀ sọ fún òun pé òjò máa rọ̀. Ó sì tún ní ìṣẹ̀lẹ̀ mẹ́ta tí ẹ dá, ọ̀kan kò ṣẹlẹ̀. Èmi mọ ohun tí mò ń pè ní ìyẹn.

Tíṣà_Ìsánlú
Ẹlẹ́gbẹ̀, o kò ṣì sọ. Ìpadàbọ̀ Sátọ̀n kì í ṣe ti Ayọ̀ nìkan, ti gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ ni. Ẹni tí wọ́n bí lọ́sẹ̀ kan náà pẹ̀lú rẹ̀ ní Ìyàrà, Sátọ̀n rẹ̀ wà ní dígírì 27 náà. Èmi ò sì ní ẹ̀rí kankan tó lè dúró níwájú àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ìwé kékeré kan ni mo ní tí mo ń kọ àwọn oṣù tí mo dá sí kí wọ́n tó dé, kí n má baà máa tan ara mi jẹ. Ọmọ tèmi gan-an wà nínú ìwé yẹn. Mo dá ọdún kan fún un, ó sì ti wọlé ọkọ ní ọdún méjì ṣáájú rẹ̀, nígbà tí n kò rí ìràwọ̀ kan tó mira lójú ọ̀run rẹ̀.

Ohun tó ya Ayọ̀ sọ́tọ̀ lára ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ibi tí nǹkan náà bọ́ sí. Ẹni tí wọ́n bí ní àárọ̀ ọjọ́ kan náà, Sátọ̀n yẹn lè wà ní ilé kìíní rẹ̀ tàbí ìkejìlá, ọ̀rọ̀ rẹ̀ á sì di ọ̀rọ̀ ara tàbí ti ìkọ̀kọ̀. Ti Ayọ̀ bọ́ sínú ilé keje, òun àti Oòrùn pọ̀. Ní ti oṣù kẹrin 2024 tó ṣófo, mo gbà. Méjì nínú mẹ́ta bá dígírì 16 mu, mi ò ní sọ ọ́ di mẹ́ta. Ó lè jẹ́ pé dígírì 15 ni, ó lè jẹ́ pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ rárá.

Ẹ wá wo apá tí kò gbára lé agogo. Sátọ̀n dé dígírì 27 yẹn ní ìparí oṣù kẹrin 2025. Àjíǹde ọdún náà bọ́ sí ogúnjọ́ oṣù kẹrin, òrùka dé lọ́jọ́ kejì rẹ̀. Sátọ̀n kọjá, ó wọ àmì Àgbò, ó yí padà, ó tún gba 27 kọjá ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá. Ìjà iṣu àti iyọ̀ nìyẹn. Ó kù ẹ̀ẹ̀kan: àárín oṣù kìíní 2026. Lẹ́yìn ìyẹn kò tún ní padà síbẹ̀ fún bí ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Oṣùpá pírógírẹ́ṣọ̀n náà wá sí dígírì 27 yìí ní nǹkan bí oṣù kẹrin tàbí ìkarùn-ún 2025, lẹ́yìn tó ti gba ẹnu ilé keje wọlé ní àárín 2024. Oṣùpá yìí kì í rìn ju dígírì méjìlá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ lọ́dún, àti pé ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló fi ń yípo. Pé ó bá Sátọ̀n pàdé níbẹ̀ láàárín oṣù méjì, ìyẹn ni ẹlẹ́rìí kejì tí Délé kò ní.

Ẹlẹ́rìí kẹta ni olúwa ilé keje. Àmì Ẹja ló wà lẹ́nu ilé náà, Júpítà ló sì ni ín láyé àtijọ́. Júpítà tó wà lójú ọ̀run lónìí ń rìn nínú àmì Akàn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró báyìí ní dígírì 25, ó máa padà sẹ́yìn, kò sì ní fi ojú rere kan dígírì 27 rẹ tààrà títí di àárín oṣù kẹfà 2026. Ìyá Ìbejì, Júpítà yín rèé, ẹ má bínú mọ́.

Nítorí náà, ohun tí màá kọ sínú ìwé mi lálẹ́ yìí nìyí: àdéhùn láàárín ẹbí ní nǹkan bí àárín oṣù kìíní 2026, ìgbéyàwó gan-an láàárín ìgbà yẹn àti ìparí oṣù kẹfà. N ò dá ọjọ́ o. Bí oṣù kìíní bá sì kọjá tí ìwé ẹrù ṣì wà lórí tábìlì, a jẹ́ pé mo ti kùnà ní apá àkọ́kọ́, mo sì máa kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Kàlẹ́ńdà tún wà tí ìràwọ̀ kò mọ̀. Bó bá jẹ́ ìjọ Àgùdà ni, Ọjọ́rú Eérú bọ́ sí ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kejì 2026, Àjíǹde di ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹrin. Àwọn fáda tí mo mọ̀ kì í fẹ́ so ìgbéyàwó nínú Ààwẹ̀. Wọ́n sì ní láti kéde orúkọ yín fún Ọjọ́ Ìsinmi mẹ́ta. Ẹ ṣírò rẹ̀.

Títí_Ayétòrò
Okun o, Tíṣà. Ọwọ́ yín ni mo ti kọ́ ọ, àmọ́ n ò bá yín lọ níbí. Ẹ ti kà Oṣùpá pírógírẹ́ṣọ̀n dé 27, ẹ wá dúró. Ẹ bá a lọ síwájú. Ó ń lọ bá Oòrùn pírógírẹ́ṣọ̀n ní nǹkan bí dígírì 28 nínú àmì Àgbò, ní àárín 2027. Oṣù tuntun rẹ̀ nìyẹn, èyí tó ń wáyé ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún síra. Láti bí ọdún mẹ́ta àti ààbọ̀ ṣáájú rẹ̀, òkùnkùn òṣùpá ni ènìyàn wà, ìgbà ìparí nǹkan. Àwọn tí mo ti rí tí wọ́n ṣègbéyàwó nínú òkùnkùn yẹn, ohun tó ti pé tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń pa dé, wọn kì í bẹ̀rẹ̀ tuntun. Ẹ tún gbàgbé Nẹ́pútúùnù, tó jókòó lé Oòrùn rẹ̀ lórí láti àárín 2023 títí di ìbẹ̀rẹ̀ 2025. Irú ìkùukùu bẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin fi ń sọ ohun tí kò ní lọ́kàn. Èmi máa ní kó dúró dé ìdajì kejì 2027.

Tíṣà_Ìsánlú
Mi ò gbàgbé Nẹ́pútúùnù, mo fi í sílẹ̀ ni, torí ó ti kúrò lórí dígírì 27 ní oṣù kìíní 2025, oṣù tí ọkùnrin náà mú àbúrò bàbá rẹ̀ wá sójú ọ̀nà. Ní ti oṣù tuntun 2027, o gbá mi mú. Mo rí i, n kò mọ bí màá ṣe kà á. Ohun tí mo ti rí ni pé àwọn tó ti jọ wà pẹ́, òkùnkùn òṣùpá kì í dá wọn dúró. Ọdún mẹ́ta ààbọ̀ ni ti àwọn wọ̀nyí. Ṣùgbọ́n n kò lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé bẹ́ẹ̀ ni. Kọ tìrẹ sílẹ̀, kí èmi kọ tèmi.

Ẹlẹ́gbẹ̀
Ẹ wò ó! Tíṣà ní 2026, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní 2027. Ibi tó bá bọ́ sí, ìràwọ̀ ló jàre.

Títí_Ayétòrò
Kò rí bẹ́ẹ̀, Ẹlẹ́gbẹ̀. Ọ̀kan nínú wa máa jẹ̀bi, ó sì ti wà ní kíkọ. Bí wọ́n bá ṣe é ní 2026, èmi ni.

Délé_Lọ́kọ́ja
Ayọ̀, ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí o ṣe. Kí oṣù kìíní tó dé, jókòó ti ọ̀gbẹ́ni yẹn, kí o bi í ẹni tó máa san owó iṣu àti iyọ̀ tó fa wàhálà. Èmi ò béèrè ohun tó jọ bẹ́ẹ̀ láàárín oṣù kẹrin sí oṣù kẹsàn-án. Mo ń ka ìràwọ̀ ni.

Ayọ̀_Owé
Mo ti béèrè, ẹ̀gbọ́n. Ó ní òun á san ìdajì iṣu, àbúrò bàbá òun á sì bá bàbá mi sọ̀rọ̀ lórí ìyókù. Wọ́n ti fi ìpàdé sí Sátidé, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kìíní. Mo búra fún yín pé n kò sọ ọ̀rọ̀ ìràwọ̀ fún ẹnikẹ́ni nínú wọn, àwọn ló fúnra wọn mú ọjọ́ náà, torí ọ̀pọ̀ ẹbí tó wá sílé fún ọdún kò ní tíì padà.

Tíṣà, mo tún bi màmá mi léèrè ọ̀rọ̀ agogo. Wọ́n ní bóyá kí agogo tó dún ni mo ké, bóyá lẹ́yìn rẹ̀ ni, pé ta ni ń rọbí tó ń ka agogo.

Tíṣà_Ìsánlú
Bá mi kí màmá rẹ. Wọ́n jàre mi.

Awakọ̀_Gáréèjì
Mo ti wá mọ ẹni tí Sátọ̀n ń jẹ́ báyìí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin àgbà, mo ní bọ́ọ̀sì ẹlẹ́ni méjìdínlógún tó mọ gbogbo kòtò tó wà láàárín Kàbà sí Lọ́kọ́ja. Ṣé kí n kọ orúkọ Ayọ̀ sí oṣù kìíní, àbí oṣù kẹfà, àbí kí n dúró de ti Títí ní 2027? Mo ń gba àsansílẹ̀.